Máàkì Kan Péré fún Hamidat

Èmi ni mo kan pákó náà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin, ìbú rẹ̀ kò ju kí ọmọdé gbé ẹsẹ̀ kan lé e, mo sì gbé e lé orí igi ìdúró mẹ́ta tí kò ga tó orúnkún. Nítorí pé èmi ni mo kàn án ni ilé ìwé ọmọ mi fi ní kí n wá dúró tì í ní ọjọ́ eré ìdárayá, kí n máa fún àwọn ọmọ ní máàkì. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe nínú ìlú Ọ̀wọ̀, n kì í sì í fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hamidat ni. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ti lágbára tó tòsì. Lọ́dọọdún, bí ilé ìwé bá ń sáré, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ló máa ń jókòó tì. Lọ́dún yìí wọ́n ní gbogbo ọmọ ni yóò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi jẹ́ ká gbádùn nílé.

"Dádì, ṣé ẹ máa wá? Ṣé ẹ ò ní pẹ́?"

Mo pẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹnu géètì ni Olúgbádé dúró sí, tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, n kò sì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní òdìkejì títì títí ó fi wọlé.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni èmi àti Olúgbádé kò ti kí ara wa. Ní ìlú Ìpele la ti jọ lọ sílé ìwé, bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà. Ní ìwé karùn-ún a sáré, èmi ni mo kọ́kọ́ já okùn. Gbogbo ojú ló rí i. Bàbá rẹ̀ gbé ipò kìíní fún ọmọ rẹ̀, ó fi èmi sí ipò kẹta, ó wá fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Zakariyah, o gbìyànjú." Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e n kò padà sílé ìwé. N kò tíì padà títí dòní. Olúgbádé ka ìwé tirẹ̀ débi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ rẹ̀, Akínjídé, àti Hamidat wà ní kíláàsì kan náà, ohun tí mi ò sì lè ṣe nǹkan sí nìyẹn.

Nígbà tí mo fi máa dé pápá, Tíṣà Tẹniọlá ti ń parí àlàyé tó ń ṣe fún àwọn òbí tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀dọ́bìnrin ni, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, kì í dúró lójú kan.

"Ibùdó mẹ́fà, ẹgbẹ́ mẹ́fà, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ. Tí mo bá fọn fèrè, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí ibùdó tó kàn. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ̀yin máa kọ ti ìgbìyànjú sí káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi á máa yí ká, màá kọ ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́." Ó rí mi. "Bàbá Hamidat, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé kí n tún un ṣe fún yín? Ti máàkì yẹn, 1, 2, 3..."

Olúgbádé yíjú wò mí. Ibùdó omi, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi kànrìnkàn gbé omi, ni wọ́n fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi gan-an. Ó gbé fìlà sórí bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ adájọ́.

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Tíṣà," ni mo wí. "1, 2, 3. Ta ni kò mọ ìyẹn?"

Fèrè dún. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ bá mi ni ti Hamidat, Akínjídé sì wà nínú rẹ̀. Káàdì wà lọ́rùn gbogbo wọn. Mo gbìyànjú láti jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún mi, kò ṣeé ṣe. Mo dìde, mo tún pákó náà mì wò bóyá ìṣó kankan tú. Kò tú.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí èyí bá rọrùn fún, kó fi ẹ̀yìn rìn."

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yahya kọjá bí ológbò, ó padà, ó tún fi ẹ̀yìn rìn, ó ṣubú, ó tún un ṣe títí ó fi dé òpin. Mo kọ 1 fún un. Àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e dúró ní àárín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó di ìgbà tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rìn. Mo kọ 2. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan fi ẹ̀yìn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo kọ 1.

Ó kan Akínjídé. Ọmọ náà ga, ó tóbi egungun, èmi sì rò pé yóò fò ó ni. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún gùn ún, ó tún bọ́. Nígbà tó yá ó dùbúlẹ̀, ó gbá pákó náà mọ́ àyà, ó ń fi orúnkún rá bí aláǹgbá, òógùn ń kán láti imú rẹ̀. Kò dúró. Ó dé òpin, ó dìde, ó mí kanlẹ̀. N kò purọ́, inú mi dùn. Mo gbójú sókè wò bóyá bàbá rẹ̀ rí i. Mo fi báírò tẹ 3 mọ́ káàdì náà débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

"Ẹ ṣé, sà," ni Akínjídé wí. Ó yọ ẹ̀rín. Mo sọ nínú ara mi pé, ọmọ yìí kò mọ ohun tó ń rí.

Hamidat ló kẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó wọ́ ti ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ní ìṣísẹ̀ kẹta ó ṣubú. Mo ti na ọwọ́ kí n tó rántí pé adájọ́ ni mí. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Dádì." Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ó tún ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ìgbà yẹn ni Akínjídé wá síbẹ̀, ó dúró sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ó fún un ní èjìká. Kò fà á, kò tì í, ó kàn ń rìn bí Hamidat ṣe ń rìn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ó dé òpin! Mo kọ 1 gàdàgbà, mo fà á nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Hamidat wo káàdì náà. Ó wò mí.

"Wan, Dádì?"

"Wan ni! Àbí kí ni o tún fẹ́?"

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Tíṣà Tẹniọlá sáré kọjá, ó wo bí wọ́n ṣe ń ka ìṣísẹ̀ fún ara wọn, ó kọ 3 sí ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ìwé ẹgbẹ́ wọn, ó sáré lọ. Ó fọn fèrè. Àwọn ọmọ gbéra lọ sí ibùdó omi, ẹ̀yìn wọn ni mo ti gbọ́ Yahya.

"Hamidat, bàbá ẹ gan-an ní o ò gbìyànjú! Wan! Èmi náà gba wan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló bí mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hamidat yí káàdì rẹ̀ dojú dé àyà.

Mo di aṣọ Yahya mú. "Kí lo wí?"

"Ẹ má bínú, sà. Tíṣà ló ní tirii ni ti ẹni tó gbìyànjú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tuu ni ti ẹni tó dúró lójú ọ̀nà. Wan ni ti ẹni tó kàn wá ṣeré. Wọ́n ní kò sí òdo."

Ilẹ̀ kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ sí. Ẹgbẹ́ kejì ti tò síwájú pákó mi. Mo pariwo pe Tíṣà. Mo sọ fún un pé ipò ni mo pè é, pé ẹni tó ṣe dáadáa jù ni mo kọ 1 fún. Kò rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

"Ó rọrùn, sà. Ẹ̀yin pè wọ́n padà, ẹ yí i. 1 di 3, 3 di 1, 2 dúró. Kí a ṣe é kíá, àkókò ń lọ."

Ọmọ mẹ́jọ tún tò síwájú mi. Olúgbádé tẹ̀ lé wọn wá, kànrìnkàn tó ti rin fún omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó dá ẹgbẹ́ náà dúró. Mo yí ti Yahya. Mo yí ti ọmọbìnrin tín-ín-rín. Mo yí ti Hamidat, ó gba káàdì rẹ̀ láì wò mí lójú.

Akínjídé ti bọ́ tirẹ̀ lọ́rùn. Ó nà án sí mi.

"Sà, ṣé màá dá tirii mi padà ni?"

Báírò wà lọ́wọ́ mi. Kí n fa 3 yẹn, kí n kọ 1. Tíṣà ti pàṣẹ rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè, kò sí ẹni tó máa mọ̀ ju èmi lọ. Olúgbádé yóò rí i lórí káàdì ọmọ rẹ̀, yóò gbé e lọ sílé. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wá irú rẹ̀. Mo gbé ẹnu báírò lé káàdì. Òógùn ọmọ náà ti rin ín, báírò kò fẹ́ kọ. Mo tún un gbé lé e. Àpá pákó hàn pupa ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Tíṣà," ni mo wí, "èyí kò ní yí."

"Ṣé ẹ̀yin kọ 3 fún un, sà? Nígbà yẹn, kẹta lẹ pè é."

"Mo pè é ní kẹta. Mo pè é ní ẹ̀yìn gbogbo wọn. Kì í ṣe pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tó jẹ́ ni mo wò." N kò wo Olúgbádé, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sókè. "Kò sí ẹni tó gbìyànjú tó o níbí, àfi Hamidat. Kí 3 Akínjídé dúró."

Tíṣà wo èmi, ó wo Olúgbádé, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju òun lọ, ó fa fèrè rẹ̀ mú.

Olúgbádé bá mi sọ̀rọ̀. Èdè Ìpele wa ló fi sọ ọ́, ìyẹn tí a ń sọ nílé, kì í ṣe ti ọ́fíìsì.

"Ọmọ mi lo fẹ́ kó sí ẹ̀yìn, o wá kọ èyí tó ga jù fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ dá a dúró, kò lè dá a dúró, omi inú kànrìnkàn ń kán sí bàtà rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní kò sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó tún rẹ́rìn-ín.

"Zakariyah, o ṣeun," ni ó wí.

Ẹnu mi kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gba ọpẹ́ ọkùnrin yẹn. Mo fi káàdì náà kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn padà, mo sì rí i pé Hamidat ti ń wò mí wàyí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Fèrè dún. Ọmọ àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ kejì ti gun pákó láì dúró dè mí, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń mì sí òsì, ó ń mì sí ọ̀tún. Mo sáré lọ bá a.