Ọ̀dà Inú Ẹ̀rọ

Ó ku ọjọ́ méjì kí ìpàtẹ ọjà bẹ̀rẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Bí a ò bá rí ẹ̀rọ kankan tà, onílé á tìtorí gbèsè owó ilé gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ Bámidélé ọmọ mi, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ní Mushin. Ó ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun èyí tí a ó pàtẹ, kó lè dán. Mo ní ká dán an wò. Ẹ̀gẹ́ funfun wọlé, ó jáde bí ewé tẹ̀tẹ̀! Àṣé ó ti kun inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

"Màmá, ẹ má rẹ́rìn-ín! Owó bánà, aṣọ ìpolówó táa ó ta síwájú ìsọ̀, àti owó ọkọ̀ táa ó fi tọ oníbàárà lọ lẹ́yìn ìpàtẹ nìkan ló kù."

"Ha ọ̀dà yẹn kúrò, kí o fi owó bánà ra irin tí kì í dípẹtà tẹ́ inú rẹ̀. Má fọwọ́ kan owó ọkọ̀. Ta ló ń ra ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀?"

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, èmi ni mo wá jókòó níwájú ìsọ̀ bíi bánà. Ìdí mi kúkú fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá onígààrí kan láti Ìkòròdú fọwọ́ ra inú ẹ̀rọ, ó wo ìka rẹ̀, ó fún wa ní nọ́ńbà, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Kò rà o," Bámidélé ń ráhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, a wọkọ̀ lọ bá a.

"Àwọn tó kù tó ń ta ẹ̀rọ níbi ìpàtẹ gba nọ́ńbà mi, wọn ò wá," ìyá náà wí, ó sì ka owó àsansílẹ̀ ẹ̀rọ lé Bámidélé lọ́wọ́.