Ọ̀la Akínlolú

Mùtíátù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ní Ọjọ́rú ni fóònù rẹ̀ dún. Akínlolú, ọmọ tó jogún ilé tí Mùtíátù ń bójú tó l'Ágbowó, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Calgary, ní Kánádà: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọkọ̀ tó máa fa ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ṣí sókáwéè dè é."

Mùtíátù ní ó dáa. Ọjọ́bọ̀ kúkú ni ọ̀la. Ó ti géètì, ó gba Dùgbẹ̀ lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn lébìrà fi dígà gbé ìdérí kọnkéré sókáwéè náà. Ó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òórùn tó jáde burú débi pé Fúnlọ́lá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá iwájú, bì sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n retí ọkọ̀ títí di ọ̀sán, wọn ò rí i.

Mùtíátù pe Akínlolú. Ojú oorun ló bá a.

"Ọkọ̀ dà?"

"Ọkọ̀ kẹ̀? Ṣebí àná ló wá. Dírẹ́bà ní òun fọn fèrè títí, ẹnikẹ́ni ò ṣí géètì."

"Àná báwo? Ìwọ lo ní ọ̀la!"

"Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ ọ́ níbí, Màmá. Ọjọ́rú ni ọ̀la mi."

"Ọjọ́rú ti mọ́ níbí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi!"

Akínlolú rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Kánádà ni mo wà."

Ẹ̀rín yẹn rí Mùtíátù lára ju ihò tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi páànù bò ó. Òjò rọ̀ mọ́jú. Ìgbọ̀nsẹ̀ kún, ó ṣàn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìdin ń wọ́ lọ sí kíṣìnnì. Mùtíátù ń gbá wọn, ó ń tutọ́. Ibẹ̀ ló wà ní àárọ̀ Jímọ̀ tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi wọlé: "Mo ti bá dírẹ́bà sọ ọ́. Jímọ̀ tó ń bọ̀."

"Fúnlọ́lá, ṣé òní ni àbí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ wọn ní Kánádà."

Mùtíátù fi ohùn ránṣẹ́: "Akínlolú, má sọ ọ̀la fún mi mọ́, má sì sọ pé ó ń bọ̀. Dárúkọ ọjọ́, kí o fi déètì sí i, kí o sọ aago Ìbàdàn. Fi nọ́ńbà dírẹ́bà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú."

Èsì dé: "Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ìbàdàn." Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n wà. Odidi ọ̀sẹ̀ kan nínú ìgbẹ́! Mùtíátù fi nọ́ńbà tó bá èsì wá pe dírẹ́bà fúnra rẹ̀.

"Ìyá, mo lè wá lọ́la."

"Ọ̀la wo?"

"Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá. Aago mẹ́jọ àárọ̀."

Ó tún un sọ padà fún un, dírẹ́bà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ̀ sì dé ní Sátidé, ó fa gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, Akínlolú kọ̀wé: "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ rí i pé kò tó nǹkan." Mùtíátù kà á, ó pòṣé, ó pa á rẹ́. Ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.