Ta Ló Mu Ògógóró Inú Ìgò?

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọpẹ́ ni fún Ọba òkè tó jẹ́ kí ẹ̀rín ṣẹ́kù sí wa lẹ́nu ní àwọn ọdún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ń fún wa bí ẹni fún aṣọ.

Ní Agége, Láolú bàbá ìbejì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ike kan ní Oregun, ti jáwọ́ nínú ọtí mímu. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ni ìjọ yóò wọ aṣọ funfun fún un, bí Màmá Ojúọlápé, ìyá ìyàwó rẹ̀, bá lè jẹ́rìí pé ẹnu rẹ̀ ti mọ́. Ọkàn Láolú kò sí níbòmíràn. Bí ó bá ti rí aṣọ funfun lórí okùn, inú rẹ̀ á máa dùn bí ọmọ tó rí àkàrà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ògógóró wà nínú ilé. Tinúọlá aya rẹ̀ ló ń fi ṣe oògùn atalẹ̀, fún inú rírun àwọn òṣìṣẹ́, nítorí oògùn kẹ́mísí ti kọjá ohun tí ọwọ́ ń tó. Ó ya òṣùwọ̀n tí Suara aládùúgbò wọn fi ń wọn ìṣó tà, ó wọn ààbọ̀ kìlò atalẹ̀ gbígbẹ, ó gún un wẹ́wẹ́ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà, ó sì da lítà méjì ààbọ̀ ògógóró tí kò lábùlà lé e lórí.

"Ìdá kan gbígbẹ, ìdá márùn-ún ọtí," ló wí. "Ká ní tútù ni, ìdá méjì péré ni à bá fi sí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti lómi nínú."

Ó so òwú pupa mọ́ ara ìgò níbi tí ọtí dé, ó sì gbé e sábẹ́ ibùsùn, níbi tí oòrùn kò dé. Láolú ló ń mì ín ní àràárọ̀. Kò tọ́ ọ wò rárá, àmọ́ ìdérí ìgò náà ń jò sí ẹ̀wù rẹ̀ lára.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá dé láti Onígbòǹgbò. Wọ́n fa ìgò náà jáde lábẹ́ ibùsùn, wọ́n wo òwú, wọ́n sì kígbe:

"Yéè! Láolú! Ọtí ti sọ̀kalẹ̀ kúrò níbi òwú!"

"Màmá, n kò mu ún o!"

"Súnmọ́ mi." Wọ́n gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀. "Áà! Ẹ̀wù náà ti yó!"

Suara ti yọjú lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹnu! Ẹ má ṣáná sítòsí o!"

"Suara, ìwọ lo máa kọ́kọ́ jóná!" ni Láolú dáhùn. Lójú rẹ̀, aṣọ funfun ti ń fò lọ bí lékeléke.

Tinúọlá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ní sùúrù. Ó ti tó láti sẹ́. Ìgò á sọ ẹni tó mu ún."

Ó tẹ́ aṣọ tó mọ́ sẹ́nu abọ́, ó sì da gbogbo ohun inú ìgò náà sí i. Omi rẹ̀ ń kán, ó pọ́n bí oyin. Nígbà tí kíkán dẹwọ́, ó kó etí aṣọ náà jọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fún un!"

Láolú fún un bí ẹni ń bá èṣù jà. Ó di ẹsẹ̀ mọ́ ògiri, ó ń kọrin ìyìn, iṣan ọrùn rẹ̀ le, omi ń ṣàn. Suara ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí kò kán mọ́, Tinúọlá gbé ìṣù atalẹ̀ tó kù nínú aṣọ sórí òṣùwọ̀n.

Ó lé ní kìlò kan.

"Màmá, ààbọ̀ kìlò ni mo kó sí i. Níbo ló ti rí ara tó fi sanra tó báyìí?"

Màmá tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n. Wọ́n mú atalẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ojú wọn là.

"Àṣé ìwọ ni ọ̀mùtí!" ni wọ́n bú mọ́ atalẹ̀. "O mu ún yó, o kò sì fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ padà, o wá gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé ọmọ mi lórí!"

"Ẹ gbàdúrà fún un, Màmá," ni Suara wí. "Kó ronúpìwàdà."

Ẹ̀rín mú wọn títí Màmá fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tinúọlá fi èyí tí wọ́n sẹ́ sílẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, kó tún sẹ́ ẹ, kó tó bu ú sínú àwọn ìgò aláwọ̀ dúdú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá fúnra wọn ló wọ aṣọ funfun fún Láolú. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n gbóòórùn èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọṣẹ," ni wọ́n kéde, gbogbo ìjọ sì hó yèè.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí yín lọ́rùn. Kí ó wẹ̀ yín mọ́, kí ó sì fi ẹ̀rín kún ẹnu yín. Àmín.