Ẹni Tó Ni Báǹkì

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Tíṣà Bámidélé fi kọ́ àwọn ọmọ Adó ní ìṣirò ní ilé ìwé ìjọ. Ohun tí kì í jẹ́ kí n lè sọ ìtàn rẹ̀ láìbínú nìyẹn. Ká ní púrúǹtù ni, à bá ní kò mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ èlé orí owó ju ẹni tó ń gba èlé lọ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1930, ìjọ kì í san owó oṣooṣù fún tíṣà tó ti darúgbó. Wọ́n dá owó jọ fún un, ó pé pọ́n-ùn mẹ́wàá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì sìn ín délé ní Òkè-Ìlà. Kò bá wọn bínú, nítorí ó ní àádọ́ta pọ́n-ùn nípamọ́ sí báǹkì kan ní Èkó. Àwọn ènìyàn tiwa ló dá báǹkì náà sílẹ̀, ó sì ti ń fi owó ránṣẹ́ sí i láti ìgbà tí Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà ní ìkókó. Kí ọdún náà tó parí, báǹkì náà ti ilẹ̀kùn. Kóòtù yan ọkùnrin kan láti ta ohun tó kù, kí ó sì pín in fún àwọn tí báǹkì jẹ lówó. Ọdún méjì ni ìyẹn fi ń tà, tó ń pín. Nínú ogún ṣílè tó ń di pọ́n-ùn kan, mẹ́rin ló kan olúkúlùkù. Àádọ́ta pọ́n-ùn Tíṣà di mẹ́wàá.

Mẹ́wàá ti báǹkì, mẹ́wàá ti ìjọ: ogún pọ́n-ùn ni òun àti Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ máa fi darúgbó. Wọ́n tún ní igi kòkó díẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìgèdè, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ra kòkó láwọn ọdún wọ̀nyẹn kò tó owó àpò tí wọ́n ń rọ ọ́ sí. Mosúnmọ́lá ti bá ọkọ lọ sí Kánò, ọkọ náà kò sì rí jẹ. Bí ogún pọ́n-ùn yìí bá lọ, kò sí òmíràn.

Àsìkò yìí ni Ayọ̀kúnlé dé. Tíṣà ló kọ́ ọ ní ìwé, òun ló sì nà án lẹ́gba títí ó fi mọ ìpín ọlọ́nà gígùn. Ọmọ náà ti di aṣojú ilé iṣẹ́ kan báyìí, wọ́n ń pè é ní Báǹkì Ìrẹ̀pọ̀, ó ń kiri Èkìtì láti ta ìpín rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì tẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa sórí tábìlì. Pọ́n-ùn kan ni ìpín kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní kí ènìyàn san án tán. Yóò san ṣílè méjì àti sísì, ìyẹn ṣílè méjì ààbọ̀, nígbà tó bá kọ̀wé béèrè, yóò san ṣílè méjì àti sísì nígbà tí wọ́n bá fún un. Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, ìgbà tí àwọn olùdarí bá pè é, ìyẹn bí wọ́n bá ní kó san án, ni. Ayọ̀kúnlé ní wọn kò ní í pè é láéláé. Ogún pọ́n-ùn yóò ra ọgọ́rin ìpín. Ó gba ohun tó ń sọ gbọ́, nítorí òun náà ti ra ogún ìpín.

Tíṣà ní kó fi ìwé náà sílẹ̀. Ó kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Sẹ̀gilọlá kò mọ̀wé, ó ní kí wọ́n fi owó náà ra epo pupa nígbà tí epo bá pọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n tà á nígbà tó bá wọ́n. Tíṣà ní tíṣà kì í gbé kèrègbè epo kiri ọjà. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ìwé lè pa ènìyàn.

Ohun tó pinnu ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé. Adébíyìí, ará Ìgèdè tó ń dáko lórí ilẹ̀ bàbá Tíṣà, ló gbé ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà wá, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ogún iṣu ni, ó kó wọn kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kí Tíṣà. Adébíyìí kò tíì fi iṣu tuntun kan ẹnu. Nílẹ̀ wa, ayálẹ̀dáko kì í tọ́ iṣu wò kí onílẹ̀ tó gba tirẹ̀. Tíṣà wo àwọn iṣu náà, ó sì rò pé òun ti rí ibi tí òun ti ṣìṣe. Nígbà tí báǹkì àkọ́kọ́ wó, ayálẹ̀dáko lòun jẹ́ níbẹ̀. Òun kàn gbé owó fún onílé ni. Ẹni tó ni báǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ, tí yóò sì mú tirẹ̀ kúrò kí ilé tó wó. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ni yóò jẹ́ onílé.

Ó sọ èyí fún Àkíbù, aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Àkíbù kì í fi owó sí báǹkì nítorí èlé tí ìsìn rẹ̀ kọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò rí ohun tó burú nínú ká jọ ní òwò, ká jọ pín èrè. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

“Tíṣà,” ló wí, “ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ló jẹ ẹ́?”

Tíṣà ní kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ó ní bí èésú ni: bí ọwọ́ ènìyàn kò bá tó o mọ́, yóò dáwọ́ dúró, wọn yóò sì kó èyí tó ti dá fún un. Àkíbù ní inú èésú, gbogbo wa la mọ ilé ara wa. Ó béèrè bóyá ìwé náà sọ pé ẹni tó dáwọ́ dúró lè kó owó rẹ̀. Tíṣà kò rí i níbẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ kan kò tíì bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn rí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún. Ó lọ sílé, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ìwé ẹ̀rí dé láti Èkó, ó ní èdìdì pupa, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní kí káfíńtà fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Nígbà tí ọdún kan pé, báǹkì pín èrè, ṣílè kan lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn ti san. Pọ́n-ùn kan ni tirẹ̀. Ó mú un dání lọ sí ọjà Ọba, ó ra ẹran, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé owó báǹkì òun ni. Inú Sẹ̀gilọlá dùn lọ́jọ́ náà. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí ìtàn yìí dúró síbẹ̀.

Lọ́dún kẹta, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé Báǹkì Ìrẹ̀pọ̀ yá àwọn olùdarí rẹ̀ lówó, wọn kò sì lè san án. Tíṣà wá Ayọ̀kúnlé lọ, ó ní òun fẹ́ gba ogún pọ́n-ùn òun. Ayọ̀kúnlé kò lè wò ó lójú. Ó ní báǹkì kì í dá owó ìpín padà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, àfi kó rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí àwọn olùdarí sì gbà kí wọ́n yí orúkọ padà nínú ìwé. Tíṣà béèrè ẹni tí yóò rà á. Ayọ̀kúnlé ní òun náà ti ń wá ẹni tí yóò ra ogún tòun fún oṣù mẹ́ta.

Báǹkì náà ti ilẹ̀kùn kí ọdún 1935 tó parí. Kóòtù tún yan ẹnì kan. Tíṣà rò pé ogún pọ́n-ùn òun ti ṣègbé, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó gbà bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé kò tíì tán. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ ẹni tí kóòtù yàn. Kò sọ pé wọn yóò fún un ní nǹkan kan. Ó sọ pé ohun tó kù ní báǹkì kò ká gbèsè tó jẹ àwọn tó kó owó pamọ́ síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa kọ́kọ́ san tiwọn. Àwọn tó ni báǹkì ló máa gbẹ̀yìn. Bí ó sì ti jẹ́ pé àwọn onípìn-ín kò tíì san ìpín wọn tán, òun ń pe ṣílè mẹ́wàá lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rin ìpín: ogójì pọ́n-ùn. Bí kò bá san án, kóòtù.

Kò nílò pẹ́ńsùlù láti ṣe ìṣirò náà. Ó jókòó sábẹ́ férémù, ó sì wo àwọn iṣu tó wà ní igun ilé. Ó ti yé e. Ní ilé iṣẹ́ yìí, onílẹ̀ ló ń jẹ kẹ́yìn, bí oúnjẹ kò bá sì yó ayálẹ̀dáko, onílẹ̀ ni yóò wá òmíràn sí i.

Ilẹ̀ bàbá kò ṣeé tà, ṣùgbọ́n kòkó ṣeé fi dógò. Ó kiri Adó títí, kò sí ẹni tó lówó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àyàfi Adébíyìí. Ọkùnrin náà ka pọ́n-ùn méjìdínlógójì sílẹ̀ níwájú Àkíbù tó jẹ́rìí. Àdéhùn wọn ni pé Adébíyìí ni yóò máa kórè kòkó, kò sì ní gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá mọ́, títí Tíṣà yóò fi san gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, Ọlọ́run mọ̀, ojú ń tì í ju Tíṣà lọ. Tíṣà ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní pọ́n-ùn méjì, ó sì fi ogójì ránṣẹ́ sí Èkó.

Ó tó oṣù mẹ́wàá kí lẹ́tà mìíràn tó wọlé. Orúkọ Sẹ̀gilọlá ló wà lára rẹ̀. Obìnrin náà gbé e wá fún ọkọ rẹ̀ kó kà á, ó dúró, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. Ẹni tí kóòtù yàn sí Báǹkì Ìrẹ̀pọ̀ ló kọ ọ́: pọ́n-ùn mẹ́wàá tó fi pamọ́, ṣílè méje lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló kàn án. Pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè mẹ́wàá. Kò sí òmíràn mọ́.

Tíṣà gbé lẹ́tà náà kalẹ̀. Owó epo tí obìnrin náà ti tà díẹ̀díẹ̀ ni, gbogbo ohun tó ti ń tọ́jú pamọ́ láti ìgbà ọmọge láìsọ fún ọkọ rẹ̀.

“Ìyá Mosún,” ó ní, “ìwọ náà fi owó síbẹ̀?”

“Ọdún tí ẹ ra ẹran yẹn ni. Mo gbé e fún Ayọ̀kúnlé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni ulé báǹkì. Mo ní, ta ni yóò kó owó ìyàwó onílé lọ?” Ó tọ́ka sí lẹ́tà náà. “Wọ́n ṣáà fún mi ní díẹ̀. Níbo ni wọ́n ti rí i?”

Tíṣà kò tíì purọ́ fún un rí, kò sì mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. “Lára kòkó wa ni,” ló wí.

Obìnrin náà dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi yé e, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé owó náà fún Adébíyìí, kó dín in kù. Tíṣà ní a kì í san owó dógò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà òjò, ebi dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra iṣu ní ọjà Ọba. Lọ́wọ́ ìyàwó Adébíyìí ni wọ́n ti ń rà á, òun ló máa ń fi ẹyọ kan lé e fún wọn.