Igba Ọmọ Ó Lé Mẹ́tàlá

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Inúmidùn, nọ́ọ̀sì Òkè-Ako, fi ń rìn láti ilé dé ilé, tó sì kọ orúkọ igba ọmọ ó lé mẹ́tàlá tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú áàpù kan lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti kó ìwé àkọsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti ọdún tó kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, áàpù náà kọ̀ láti fi orúkọ kankan ránṣẹ́ sí oríléeṣẹ́ wọn ní Ìkọ̀lé. Wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹ̀dà tuntun áàpù náà bá dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà tuntun dé. Ó gbé e wọlé, ó tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ là fìrí, ó sì pa dé. Ó tún un tẹ̀, ó tún pa dé.

Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé, ọ̀gá wọn ní Ìkọ̀lé.

"Pa káàṣì rẹ̀ rẹ́," ni ọ̀gá wí. "Káàṣì nìkan o, ohun tó kàn ń kó jọ fúngbà díẹ̀; má fọwọ́ kan dátà, ibẹ̀ ni orúkọ wà. Lẹ́yìn náà, pa tábúlẹ́ẹ̀tì, kí o tún un tàn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Áàpù tún kú.

Ó wá ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú áàpù náà: Android mẹ́wàá sókè ni wọ́n ti dán an wò. Android mẹ́jọ ni ti tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Ọ̀gá, kò bá tábúlẹ́ẹ̀tì wa mu," ló sọ fún un lórí fóònù.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tìrẹ. Yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí o fi ẹ̀dà àtijọ́ tí mo fi ránṣẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kò ní gbà kí o gbé ti àtijọ́ lé tuntun lórí."

"Tí mo bá yọ ọ́, ṣé orúkọ àwọn ọmọ kò ní bá a lọ? Wọn ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín."

"Gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ wa. Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe."

Ó yọ ọ́. Ó fi ti àtijọ́ sí i. Ó ṣí wẹ́rẹ́, àmọ́ ó ṣófo. Kò sí orúkọ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ní Odò-Òrò, Wòsílátù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ jálẹ̀, kò yọ ohunkóhun. Lọ́jọ́bọ̀, àtúnṣe áàpù náà dé. Ó gbé e lé èyí tó bàjẹ́ lórí, áàpù ṣí, gbogbo orúkọ tirẹ̀ sì pé, wọ́n sì dé Ìkọ̀lé.

Níbi ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé ka iṣẹ́ olúkúlùkù síta. "Odò-Òrò, àádọ́sàn-án ọmọ. Òkè-Ako, òdo." Ó wo Inúmidùn. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí lo ń ṣe?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́."

"Èmi? Ṣé mo kọ ọ́ síwèé fún ọ ni?"

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Wòsílátù pàápàá ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Inúmidùn tún bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́. Ìyá ọmọ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé.

"Orúkọ tí mo sọ fún ọ níjọ́sí, ṣé o ti tà á ni?"

Inúmidùn ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dúró kí obìnrin náà dárúkọ ọmọ rẹ̀.