Ọjọ́ Méje fún Ilé Epo

Nígbà tí Mùjíbátù kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó rò pé ẹnìkan ló fi kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wá pọn omi. Ó fi ọṣẹ fọ ìfami, ó fọ okùn, ó tún fa omi mìíràn. Òórùn náà kò lọ. Lójú omi inú garawa, nǹkan kan ń dán bí òṣùmàrè, ó ń yí kiri.

Iṣẹ́ gaàrí ni Mùjíbátù ń ṣe ní Erunmu. Àtíbàbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀, Yésúfù. Omi kànga yìí ló fi ń fọ ẹ̀gẹ́, iná igi ló fi ń yan gaàrí, ààrò àti kànga kò sì jìnnà síra wọn. Láti ọjọ́ tí omi ti ń rùn, àyà rẹ̀ ń já nígbàkígbà tó bá mú ìṣáná lọ́wọ́ láti se oúnjẹ.

Ilé epo Alhaji Lìádì ló wà lódìkejì ògiri wọn. Tánkì mẹ́ta ló rì sínú ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì súnmọ́ ògiri náà tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè gbọ́ bí epo ṣe ń dà sínú rẹ̀ tí ọkọ̀ agbépo bá dé. Humairah, ọmọ Mùjíbátù, tó jẹ́ tíṣà ní Ẹgbẹ́dá, bá ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ilé epo náà. Lateef, máníjà ibẹ̀, ní jẹnẹrétọ̀ ilé Mùjíbátù ló da epo sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Mùjíbátù àti ọkọ rẹ̀ ò ní jẹnẹrétọ̀. Wọ́n kọ èkejì. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ni Humairah bá kọ ẹ̀kẹta. Òyìnbó ló fi kọ ọ́, àmọ́ ó jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àti bàbá rẹ̀.

“Ó ní, ‘Ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyí kí a tó fẹjọ́ yín sun àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ẹ dáwọ́ lílo tánkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa dúró, kí ẹ fa epo inú rẹ̀ jáde. Kí ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí wá yẹ gbogbo tánkì àti páìpù yín wò bóyá wọ́n ń jò, kí ẹ sì fún wa ní ẹ̀dà èsì rẹ̀. Kí ẹ máa gbé omi wá fún ilé mẹ́rin tó ń lo kànga yìí títí omi rẹ̀ yóò fi dára. A fún yín ní ọjọ́ méje. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan títí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, a ó gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà wa méjèèjì àkọ́kọ́ àti fọ́tò omi náà.’”

“Àwọn DPR nìyẹn?” Yésúfù bèèrè.

“Wọ́n ti yí orúkọ wọn padà, Bàbá. Àmọ́ àwọn náà ni.”

Yésúfù gbé ọwọ́ lé orí. “Ìyá Humairah, ọkọ̀ ta ló gbé mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ìpá fẹ́ pa mí? Ṣé kì í ṣe Alhaji ló wakọ̀ fúnra rẹ̀? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó ní mọ́ṣáláṣí?”

“Bàbá Humairah, èmi náà ń bẹ̀rù Alhaji,” Mùjíbátù dáhùn. “Àmọ́ mo ń bẹ̀rù ààrò mi jù ú lọ.”

Ó gba bírò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó buwọ́ lu lẹ́tà náà. Orúkọ náà wọ́ bí ìkọ̀wé ọmọdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, ìyá àti ọmọ ló jọ gbé e lọ. Lateef kà á lórí ìdúró. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ àjọ ìjọba, ó gbójú sókè.

“Ẹ bá wa buwọ́ lu ẹ̀dà tiwa pé ẹ ti gbà á,” Humairah sọ.

“Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan.” Ó yíjú sí Mùjíbátù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá, ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ ń bá fà á ṣá?”

Humairah fi lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sórí wásáàpù ilé epo. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ lọ́nà tí wọ́n fi ń fúnni ní rìsíìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò rí i.

Ọjọ́ kejì kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin méjì gun ọ̀kadà wọ ẹ̀yìnkùlé. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọn ò sì sọ ẹni tó rán wọn. Ọ̀kan ya fọ́tò àtíbàbà, ó ya ti ààrò, ó ya ti agbada tí gaàrí wà nínú rẹ̀.

“Ìwé àṣẹ wo lẹ fi ń ṣiṣẹ́ níbí?” ó bi Mùjíbátù. “Ṣé àwọn wolé-wolé mọ̀ pé gaàrí tí ẹ ń tà fáráyé ń rùn epo?”

“Mi ò tíì yan gaàrí láti ìgbà tí omi ti bàjẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn.”

“Ẹ máa sọ ìyẹn fún wọn.”

Wọ́n lọ. Mùjíbátù jókòó sórí àpótí. Ibi tí wọ́n ti lè rí omi mìíràn jìnnà, kò lè yan gaàrí mọ́, ó sì wá dà bíi pé òun tó ń ké ni wọ́n fẹ́ mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alhaji pe Yésúfù lórí fóònù. Kò jágbe. Ìyẹn gan-an ló ba Yésúfù lẹ́rù.

“Yésúfù, kí ni mo fi ṣe ẹ́?” ni Alhaji ń wí. “Bá mi bẹ ìyàwó rẹ. Tó bá kọ ọ́ síwèé pé òun ti mú ọ̀rọ̀ náà kúrò ńlẹ̀, màá rán ọkọ̀ omi sí yín.”

“Tánkì wá ń kọ́, sà?”

“Tánkì mi kò ní nǹkan kan.”

Mùjíbátù ronú sí i títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún Humairah lórí fóònù pé bóyá kí àwọn gba omi náà, kí àwọn sinmi. Humairah kò dá a lẹ́bi. Ó kàn ní, “Ìyá, tí ọkọ̀ omi bá dé, ṣé epo á dẹ́kun rírìn lábẹ́ ilẹ̀?”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iná jó.

Màmá Àpèkẹ́, arúgbó ilé kejì, kò gbà pé omi tóun ti ń mu láti ìgbà tóun ti relé ọkọ lè ṣe òun ní nǹkan. Wọ́n kìlọ̀ fún un, ó ní òun ti gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó fa omi kànga fọ aṣọ, ó da ìyókù sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà, ó gbé eérú ààrò rẹ̀ lọ dà síbi kan náà. Ẹyin iná wà nínú eérú ọ̀hún.

Mùjíbátù gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ ya. Nígbà tó yíjú, iná ti ń sáré nínú gọ́tà, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí omi. Lórí omi! Màmá Àpèkẹ́ dúró gbagidi, ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ti ń jó.

Yésúfù ló sáré já ìró náà bọ́ lára rẹ̀. Mùjíbátù rí ẹnìkan tó gbé garawa omi, ó pariwo: “Ẹ má da omi sí i! Yanrìn! Ẹ bu yanrìn!” Wọ́n fi ọwọ́ bu yanrìn, wọ́n fi abọ́ bù ú, wọ́n ń dà á sí gọ́tà títí iná fi kú. Ibi tó kú sí kò ju ẹsẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí ẹnu kànga. Ẹsẹ̀ Màmá Àpèkẹ́ bó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú.

Yésúfù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo ìyàwó rẹ̀. “Lọ,” ó ní. “Lọ fẹjọ́ sùn.”

“Ọjọ́ tí mo dá kò tíì pé.”

“Iná náà dájọ́ fún wa bí?”

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Mùjíbátù àti Humairah wà ní ọ́fíìsì àjọ náà ní Ìbàdàn. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùnmí ló gba lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fọ́tò àti rìsíìtì. Ó kà wọ́n láìyára.

“Mo fún wọn títí di ọjọ́ Jímọ̀, mà,” Mùjíbátù sọ. “Ṣé mi ò ti sọ ara mi di òpùrọ́ báyìí?”

“Rárá, mà. Ọjọ́ tí ẹ dá kò de ẹ̀yin lọ́wọ́. Ohun tí lẹ́tà yìí ṣe fún yín ni pé wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀.” Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. “Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Tí kànga bá ti ń rùn bẹntiróòlù, ẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló yẹ kí ẹ ti wá.”

Mùjíbátù ro gbogbo àárọ̀ tó ti ṣáná nítòsí kànga náà.

“Wọn ò ní gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu yín?” ó bèèrè.

Ọmọ́wùnmí rọra dáhùn. “Orúkọ yín wà lórí lẹ́tà tí ẹ ti fún wọn, mà.”

Ó lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà kan, ó dá a padà fún wọn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fa omi náà mọ́, kí wọ́n má dáná nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú kànga lọ wo nǹkan kan, torí afẹ́fẹ́ epo ń pa èèyàn. Lẹ́yìn náà, ó pe àwọn panápaná níṣojú wọn.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé. Àwọn panápaná fi okùn pupa yí kànga ká. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà ti ọ̀pá bọ inú tánkì, wọ́n wọn epo, wọ́n fi wé iye tí ìwé sọ pé ó yẹ kó kù lẹ́yìn èyí tí wọ́n tà. Kò bára mu. Wọ́n ti ilé epo náà pa. Mùjíbátù dúró sínú yàrá, ó ń yọjú láti ojú fèrèsé. Kò lè jáde. Ó rí Alhaji Lìádì tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó wo ògiri wọn fún ìgbà pípẹ́, tó sì padà sínú ọkọ̀.

Nígbà tí iléeṣẹ́ tó ń yẹ tánkì wò dé, wọ́n rí i: páìpù tánkì ẹ̀gbẹ́ ògiri ti dípẹtà, ó ń jò níbi oríkèé. Àjọ náà pàṣẹ kí wọ́n fa epo rẹ̀ jáde, kí wọ́n wú tánkì ọ̀hún, kí wọ́n sì máa gbé omi fún ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti kànga, wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọdún tí omi rẹ̀ yóò tó ṣeé mu.

Alhaji kò rán ẹnikẹ́ni wá mọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, Yésúfù sálámà sí i, Alhaji sì wo iwájú bí ẹni tí kò gbọ́. Yésúfù délé, kò jẹun. Kò sọ pé ìyàwó òun jẹ̀bi. Kò sì sọ pé kò jẹ̀bi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ omi wá, awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀, ó mú ìwé kan lọ́wọ́, ó sì pariwo síta: “Ta ló ń jẹ́ Mùjíbátù níbí?”

Àwọn ará ilé tó gbé dúrọ́ọ̀mù jáde yíjú sí Mùjíbátù. Ó jáde lọ bá awakọ̀ náà.

“Èmi ni.”

“Wọ́n ní ẹ̀yin ni kí ẹ buwọ́ lù ú pé omi dé.”

Ó gba ìwé náà. Ó kà á látòkè délẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó tún kà á. Ìgbà tó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ omi nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sí ti mímú ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, ló tó béèrè bírò.