Páálí Méjì fún Ẹjọ́ Adìẹ

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé inú adìẹ ń dùn. Baba Àlàyé ni. Òun ni ọ̀gá mi ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn ní yunifásítì wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí bí o bá bi í pé aago mélòó ló lù, yóò kọ́kọ́ sọ ìdí tí aago fi ń lù. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Adìẹ. N kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n mo tọ́jú ọgọ́ta adìẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi lára.

Iṣẹ́ ìwádìí wa kò lọ́jú pọ̀. Yàrá méjì, adìẹ ọgbọ̀n nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta-mẹ́ta nínú àgò mẹ́wàá. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, omi kan náà ni wọ́n ń mu. Yàrá kan ń gbọ́ orin láti inú rédíò fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, èkejì kò gbọ́ nǹkan kan àfi ikọ́ mi. Mo ń ka ẹyin láràárọ̀, mo ń wọn oúnjẹ tí mo bá gbé sílẹ̀, mo sì ń wọn èyí tó bá ṣẹ́kù. Baba Àlàyé wá lẹ́ẹ̀mejì, ó jó díẹ̀ ní yàrá orin, ó sì padà sí ọ́fíìsì lọ kọ ọ̀rọ̀ sáàárín àwọn nọ́ńbà mi. Nígbà tí a parí, orúkọ rẹ̀ ló wà níwájú lórí ìwé, tèmi tẹ̀lé e. Mo gbé e mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

A fi ìwé náà ránṣẹ́ sí jọ́nà kan tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde. Olóòtú wọn kò kọ̀ ọ́, kò sì gbà á. Ó ní: "Ẹ ti po àbájáde mọ́ ìjíròrò lábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo, débi pé òǹkàwé kò mọ ibi tí ohun tí ẹ rí parí sí àti ibi tí ohun tí ẹ rò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín in sí méjì. A fẹ́ rí i kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù."

Olórí ẹ̀ka wa náà sì ti bá mi sọ̀rọ̀ láìfepo bọyọ̀. Bí ìwé kan kò bá gba ìwọlé ní orúkọ mi kí ọdún yìí tó parí, àdéhùn iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn, ẹlòmíràn ni yóò jókòó lórí àga mi. N kò ní ìwé mìíràn. Adìẹ wọ̀nyí nìkan ni mo ní láyé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, èmi àti Baba Àlàyé jókòó sí ọ́fíìsì ẹ̀ka pẹ̀lú ìwé náà láàárín wa. Láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́wàá, ìlà mẹ́rin la pín. Ìjà la fi gbogbo àkókò yòókù jà.

"Èyí, àbájáde ni," mo wí.

"Àbájáde tó ní àlàyé nínú," Baba Àlàyé dáhùn. "O kò lè yọ egungun lára ẹja kí o tún ní kó lúwẹ̀ẹ́."

Akọ̀wé ẹ̀ka wa wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kan ni, tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní kóòtù kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, kí o yáa jókòó dáadáa. Ó bọ́ ọ.

"Ẹ gé e," ó wí.

"Kí la ó gé, mà?" mo bèèrè.

"Ìwé yẹn. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àríyànjiyàn yín ti fẹ́ fọ́ mi lórí."

Ó gbé páálí méjì tí wọ́n fi kó bébà wá jáde. Ó kọ "OHUN TÍ A RÍ" sára ọ̀kan, ó kọ "OHUN TÍ A RÒ" sára èkejì. Ó fa sísọ̀ọ̀sì yọ nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n ka ti àkọ́kọ́.

Mo kà á: "Adìẹ yàrá orin yé ẹyin 1,402, adìẹ yàrá ìdákẹ́jẹ́ yé 1,391, èyí tó fi hàn kedere pé ìdùnnú tí orin fún àwọn adìẹ ló sọ wọ́n di akíkanjú."

"Ta ló ka ẹyin?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló rí ìdùnnú?"

Baba Àlàyé gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Mo rí i lójú wọn."

"Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n, Baba?"

Sísọ̀ọ̀sì gé gbólóhùn náà sí méjì níbi tí "èyí tó fi hàn" ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin bọ́ sínú páálí àkọ́kọ́, ìdùnnú bọ́ sínú èkejì. Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé níka.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ń yá. "Àwọn tó fi màlúù ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa rí ohun tó jọ tiwa": páálí kejì, nítorí kì í ṣe àwa la rí ti màlúù. "Adìẹ kankan kò kú": páálí àkọ́kọ́. Gbólóhùn kan tó tún gbogbo nọ́ńbà inú àtẹ kejì kà láti òkè délẹ̀ kò rí páálí wọ̀ rárá. Akọ̀wé ní àtẹ ti sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ wo àtẹ, ó sì jù ú sí ibi ìdọ̀tí. "Aago méje àárọ̀ la ń wọn oúnjẹ" kì í ṣe ohun tí a rí, kì í sì í ṣe ohun tí a rò. Bí a ṣe ṣiṣẹ́ ni, ìpín tiẹ̀ sì wà lókè. Baba Àlàyé ní kí wọ́n wá páálí kẹta fún un. Akọ̀wé kàn fi ife tíì rẹ̀ tẹ bébà náà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Baba yọ́ kẹ́lẹ́ mú ìdùnnú adìẹ kúrò nínú páálí kejì, tó sọ ọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akọ̀wé mú un láìgbé ojú sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, tó ń jí bébà bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò! Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni kò jẹ́.

Ooru wá mú wa. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo dìde tan fáànù.

Gbogbo gbólóhùn inú páálí méjèèjì fò sókè. Ẹyin lẹ̀ mọ́ fèrèsé, màlúù wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan bà lé orí Baba Àlàyé níbi tí irun kò sí mọ́. Aago kan ti kọjá, ọ̀la sì ni ọjọ́ Ẹtì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹkún kì í ṣa bébà," akọ̀wé wí. "Máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan. Àwọn àgbà wa ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Ọ̀rọ̀ Baba ti pẹ́ lára nọ́ńbà mi débi pé èmi gan-an ti ń rí i bíi nọ́ńbà. Ní báyìí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́wọ́ mi, kò sí èyí tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ẹnìkejì. A tún wọn pín, kò gbà tó ìdajì wákàtí.

Akọ̀wé tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó gbé páálí àkọ́kọ́ sórí itan, ó kà á sókè bí àkọsílẹ̀ kóòtù: "Yàrá orin, ẹyin 1,402. Yàrá ìdákẹ́jẹ́, 1,391. Ìṣirò fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé." Ó wò wá. "Ẹyin mọ́kànlá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ? Torí ìyẹn lẹ ṣe pe àkọlé ìwé yín ní 'Orin Ń Mú Adìẹ Yé Ẹyin Sí I'?"

Èmi ni mo ṣe ìṣirò yẹn, èmi náà ni mo sì jẹ́ kí ìdùnnú bò ó mọ́lẹ̀. Mo rí àga mi tó ń lọ.

"Ó ti tán," mo wí.

"Kò tíì tán. Kí ni èyí ń ṣe níbí?" Akọ̀wé fa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú páálí kejì. "'Ìdùnnú yìí pọ̀ débi pé ó ń mú wọn yó, nítorí adìẹ kọ̀ọ̀kan ní yàrá orin jẹ gíráàmù 100 lójúmọ́, ti yàrá kejì jẹ 113.' Ta ló wọn oúnjẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Ìyàtọ̀ yẹn ńkọ́, ó ṣeé gbára lé?"

Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà. Ó ṣeé gbára lé, ó tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò náà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí nínú àtẹ kankan, nítorí pé inú àlàyé rẹ̀ ni Baba fi í sí, kó lè fi ti ìdùnnú lẹ́yìn.

"Kí ni ẹlẹ́rìí wá ṣe láàárín àwọn lọ́yà?" akọ̀wé bèèrè. Ó gé e sí méjì, ó sì fi gíráàmù sínú páálí àkọ́kọ́ tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀.

Ẹyin kan náà, oúnjẹ dín! Ohun tí a rí gan-an nìyẹn, a sì ti fi àsọdùn sin ín. Mo dì mọ́ ìyá náà títí gíláàsì rẹ̀ fi wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ là ń kọ ìjíròrò. Mo ní bóyá orin mú kí wọ́n fara balẹ̀, tí wọn kò fi da oúnjẹ nù púpọ̀, nítorí a kò wọn èyí tó dà sílẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé yàrá kan péré ló gbọ́ orin, ó sì lè jẹ́ yàrá náà fúnra rẹ̀ ló fa ìyàtọ̀. Baba Àlàyé ń wò mí, kò ja kankan níyàn. Ó kàn ní òun fẹ́ràn "bóyá" yẹn, òun kò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé, òun yóò tún ojú ewé àkọ́kọ́ àti lẹ́tà sí olóòtú tẹ̀, òun yóò sì fi í ránṣẹ́ láàárọ̀.

Oorun ìdajì ni mo sùn. Mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ìdùnnú adìẹ yóò tún yọ́ wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n gba ìwé wa. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó gbé e síwájú mi. Àkọlé tuntun nìyẹn, ẹyin kan náà, oúnjẹ tó dín. Kò sí ìdùnnú níbì kankan. Mo wá wo orúkọ. Tèmi ló wà níwájú, ti Baba wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí olóòtú pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀. Lára ògiri, lẹ́yìn orí rẹ̀, ó ti fi téèpù lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan: "ìdùnnú tí orin fún àwọn adìẹ."

"Ẹ ṣeun, sà," mo wí. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ṣe é?"

Mo jókòó de àlàyé. Mo ti mọ̀ pé yóò gbà tó wákàtí kan. Baba Àlàyé wò mí títí, ó bojú wo fèrèsé, ó sì mi orí.

"Ìwọ lo ka ẹyin," ó wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.